Ẹnu Ṣánẹ́ẹ̀lì Ń Wo Ilẹ̀: Ohun Tí Fọ́múlà Nìkan Kò Lè Kọ́ Wa Nípa Ojúkò Ìrẹ́

Ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti dé ọdún kẹta, kí ẹ bi í pé níbo ni ṣíà sẹ́ńtà irin ṣánẹ́ẹ̀lì wà. Kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀kan, á ti ka fọ́múlà rẹ̀ fún yín: e = 3b²/(h + 6b). Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ wá gbé ṣánẹ́ẹ̀lì gidi lé e lọ́wọ́, kí ẹ ní kó fi ìka tọ́ ojúkò náà fún yín. Ẹ tún bi í pé bí a bá so ẹrù mọ́ irin náà, ìhà wo ni yóò lọ́ sí? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di wò mí, n wò ọ́.

Ẹjọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nìkan kọ́ ni èyí. Ìdánwò ló ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó ń bi wá léèrè iye e, a sì ń fi iye e lé e lọ́wọ́. Èrò tiwa ni pé iye yẹn ni ó kéré jù nínú ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fi irin kọ́lé mọ̀. Ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù ú lọ: ohun tó gbé ojúkò náà jáde kúrò nínú irin, ìhà tó bọ́ sí, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin nígbà tí ẹrù kò bá gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a lè gbàgbé fọ́múlà kí a sì tún un ṣe fúnra wa. Bí a kò bá mọ̀ wọ́n, fọ́múlà yẹn kò lè gba irin kankan lọ́wọ́ lílọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi irin kan ṣoṣo ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Irin tí à ń sọ

Ṣánẹ́ẹ̀lì ni irin tí bí a bá gé e wò, ó rí bíi lẹ́tà C onígun. Ó ní ògiri kan tó nà ró, èyí tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní wẹ́ẹ̀bù. Ó ní apá méjì tó nà síta láti orí ògiri náà àti láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ni fílánjì. Ìhà tí ó ṣí sílẹ̀ ni a óò máa pè ní ẹnu. Nínú gbogbo ohun tí a óò sọ, ẹ gbà pé ẹnu náà kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ògiri sì wà lọ́wọ́ òsì.

Tiwa yìí ga ní 100 mìlímítà, apá kọ̀ọ̀kan gùn ní 50 mìlímítà, nínípọn gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 2 mìlímítà. A wọn gíga àti gígùn láti àárín nínípọn irin dé àárín nínípọn irin. A ri ẹsẹ̀ irin náà mọ́lẹ̀ sínú kọnkéré gírígírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì yọ síta ní mítà 1 bí igi tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́. Ní ìparí rẹ̀, a so ẹrù tó wúwo tó 1000 Níútìnì mọ́ ọn. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì méjì. Gbogbo ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí, irin yìí náà ni.

Bí irin ṣe ń tẹ̀ nìkan, kò sóhun tó le níbẹ̀. Iye I rẹ̀, èyí tó ń sọ bí àwòrán irin náà ṣe le tó lójú títẹ̀, jẹ́ 666,667 mm⁴: ògiri mú 166,667 wá, apá méjèèjì sì mú 500,000 wá. Lẹ́bàá kọnkéré, mómẹ́ńtì jẹ́ 1,000,000 N·mm. Sítírẹ́ẹ̀sì inú apá òkè níbẹ̀ jẹ́ 75 N/mm², fífà ni. Ti apá ìsàlẹ̀ náà jẹ́ 75, ìfúnpọ̀ ni. Irin lásán lè gbé ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Ẹni tó bá dúró síbí yóò sọ pé iṣẹ́ ti parí.

Ipá tó ń gba inú apá kọjá

Ẹ wo apá òkè nìkan. Lẹ́bàá kọnkéré, wọ́n ń fà á pẹ̀lú sítírẹ́ẹ̀sì 75. Bí ẹ bá sún mìlímítà 1 péré sí ọ̀dọ̀ ẹrù, mómẹ́ńtì ti dín sí 999,000, sítírẹ́ẹ̀sì náà sì ti di 74.925. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.075. Ìwọ̀n ojú apá náà jẹ́ 50 × 2, ìyẹn 100 mm². Nítorí náà, nínú ègé apá tí kò gùn ju mìlímítà 1 lọ yìí, ipá tó ń fà á ní ẹ̀gbẹ́ kan fi 7.5 Níútìnì ju èyí tó ń fà á ní ẹ̀gbẹ́ kejì lọ.

Kí ló mú ègé yẹn dúró síbi tó wà? Afẹ́fẹ́ ló wà lókè rẹ̀, ẹnu ṣánẹ́ẹ̀lì ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tó ti dì mọ́ nǹkan ni igun tó ti pàdé ògiri. Igun yẹn ló gbọ́dọ̀ fi 7.5 Níútìnì dá a dúró. Ìrẹ́ nìyẹn: kí ohun méjì tó lẹ̀ mọ́ ara wọn fẹ́ yọ̀ kọjá ara wọn, kí ìlẹ̀mọ́ wọn má sì gbà. Ìrẹ́ kì í sì í dá rìn. Bó bá wà lójú kan tó lọ gbọọrọ pẹ̀lú irin, ó gbọ́dọ̀ wà lójú tí a gé ní ìbú pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ipá tó gba inú apá lọ sí ìhà ògiri fi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù tí a so rọ̀ kò fa ohunkóhun sí òsì tàbí sí ọ̀tún.

Ní etí apá, níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́ ní iwájú, ìrẹ́ yìí jẹ́ òfo. Bó ṣe ń sún mọ́ ògiri ló ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà, títí ó fi di 7.5 Níútìnì lórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan ní igun. Ìdajì 7.5 ni 3.75. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 50, ẹ óò rí i pé gbogbo ipá tó wà nínú apá òkè jẹ́ 187.5 Níútìnì, ó sì dojú kọ òsì. Apá ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ náà, ó tó bákan náà, àmọ́ ọ̀tún ni ó dojú kọ. Ògiri ló gbé gbogbo 1000 Níútìnì tó ń lọ sísàlẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó bí omi: ó bẹ̀rẹ̀ láti etí apá òkè, ó ṣàn wọlé dé igun, ó gba ògiri lọ sísàlẹ̀, ó sì gba apá ìsàlẹ̀ jáde. Ẹni tó bá lè ya ọfà mẹ́ta yìí kò nílò láti há fọ́múlà kankan sórí.

Bí ojúkò náà ṣe bọ́ síta

Ipá méjì tó dọ́gba, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, tí 100 mìlímítà sì wà láàárín wọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n lè ṣe: wọ́n á yí nǹkan. Agbára ìyípo wọn jẹ́ 187.5 × 100, ìyẹn 18,750 N·mm. Nítorí pé ti òkè lọ sí òsì, tí ti ìsàlẹ̀ sì lọ sí ọ̀tún, ìyípo náà lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí.

Níbo ni ká wá fi ẹrù wa sí kí ó lè bá gbogbo èyí mu? Bí a bá fi í sí orí ògiri gan-an, 1000 ti bá 1000 mu, ṣùgbọ́n ìyípo apá kò rí ẹni bá a dọ́gba. A gbọ́dọ̀ gbé ẹrù sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ yóò ti ní ìyípo 18,750 yípo ògiri, ní ìhà kan náà. 18,750 tí a pín pẹ̀lú 1000 jẹ́ 18.75 mìlímítà. Ẹrù tó ń fà sísàlẹ̀ tó sì fẹ́ yí nǹkan lòdì sí ọwọ́ aago gbọ́dọ̀ wà ní òsì ògiri. Ojúkò ìrẹ́ wa wà, nígbà náà, ní 18.75 mìlímítà lẹ́yìn ògiri, ní ìhà tí ẹnu kò kọjú sí, nínú afẹ́fẹ́ tí irin kò sí rárá. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀.

Ẹ wá fi fọ́múlà yẹ̀ ẹ́ wò: 3 × 50² jẹ́ 7,500, 100 + 6 × 50 jẹ́ 400, àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18.75. Ó bá a mu rẹ́gí. Fọ́múlà náà kàn jẹ́ ìtàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí tí wọ́n ká pọ̀ ni.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú fọ́múlà náà. Ìwúwo ẹrù kò sí níbẹ̀, irú irin kò sí níbẹ̀, nínípọn pàápàá kò sí níbẹ̀ bí ògiri àti apá bá nípọn bákan náà. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò ra èyí tó nípọn kí ojúkò ìrẹ́ lè wọlé sínú irin, owó ló fẹ́ ná. Èyí tó nípọn yóò lọ́ díẹ̀ ni, ìyẹn jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ojúkò náà kò ní kúrò níbi tó wà. Bákan náà, bó ti wù kí apá gùn tó, e kò lè tó ìdajì gígùn apá. Bí ẹ bá ṣírò e fún apá 50 mìlímítà nínú ìdánwò tí ẹ sì rí 30, ẹ má wulẹ̀ jókòó lórí rẹ̀, àṣìṣe ti wọ̀ ọ́.

Fọ́múlà náà ní ààlà. Ó wà fún ṣánẹ́ẹ̀lì tí nínípọn rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíga rẹ̀, tí ògiri àti apá rẹ̀ nípọn bákan náà, tí kò sì ní ètè. Ọ̀pọ̀ irin pẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ fún òrùlé ló ní ètè, ìyẹn etí apá tí wọ́n tún tẹ̀ wọ inú. Ètè yẹn máa ń ti ojúkò ìrẹ́ jìnnà sí ògiri sí i ni. Bí a bá fi ètè 15 mìlímítà kún irin tiwa, e yóò kúrò ní 18.75, yóò di nǹkan bí 25.5. Ẹni tó mọ ọ̀nà ìṣàn yóò kàn bẹ̀rẹ̀ ìṣàn láti etí ètè. Ẹni tó mọ fọ́múlà nìkan yóò fi iye tí kì í ṣe ti irin náà ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹrù kò gba ibẹ̀

Níbi iṣẹ́, ta ló ń so ẹrù mọ́ afẹ́fẹ́? Ògiri ni wọ́n ń lu bóòtù mọ́, tàbí kí wọ́n gbé ẹrù lé orí apá. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé bí ẹrù bá ṣáà ti gba sẹ́ńtírọ́ìdì kọjá, àlàáfíà dé. Sẹ́ńtírọ́ìdì irin wa yìí wà ní 12.5 mìlímítà sí ọ̀tún ògiri, nínú ẹnu. Ó jìnnà sí ojúkò ìrẹ́ ní 31.25 mìlímítà. Ẹni tó fi ẹrù gba sẹ́ńtírọ́ìdì ti gbé e jìnnà ju ẹni tó fi í sórí ògiri lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó sàn jù nínú méjèèjì, ẹrù lórí ògiri. Ó wà ní 18.75 mìlímítà sí ọ̀tún ojúkò ìrẹ́, nítorí náà ó ń fi 18,750 N·mm lọ́ irin náà bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ìhà ọ̀tún ń lọ sílẹ̀, ìhà òsì ń gòkè. Ẹnu ṣánẹ́ẹ̀lì á wá yí wo ilẹ̀. Àmì tí a lè fi ojú lásán rí nìyí: bí ẹ bá rí ṣánẹ́ẹ̀lì kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí ẹnu rẹ̀ ti ń wo ilẹ̀, ẹrù rẹ̀ wà ní ìhà ẹnu sí ojúkò ìrẹ́. Bí ẹnu bá ń wo òkè, ẹrù ti kọjá ojúkò náà sẹ́yìn.

Báwo ni yóò ti lọ́ tó? Irin tó ṣí lẹ́nu kò ní agbára kankan lójú lílọ́. Nọ́ńbà tó ń sọ agbára yẹn, tí a ń pè ní J, jẹ́ 533 mm⁴ péré fún irin wa, nígbà tí I rẹ̀ lójú títẹ̀ jẹ́ 666,667. Bí a bá fi G tó jẹ́ 80,000 N/mm² ṣe ìṣirò tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa, ìyẹn TL/GJ, yóò sọ pé irin náà yóò lọ́ ní nǹkan bí dígírì 25. Ìyẹn pọ̀ jù, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ṣánẹ́ẹ̀lì bá ń lọ́, apá kan fẹ́ yọ síwájú, apá kejì fẹ́ fà sẹ́yìn: a ń pè é ní wíwọ́. Kọnkéré tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kò jẹ́ kó wọ́, ìyẹn sì ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí a bá ka wíwọ́ mọ́ ọn, pẹ̀lú E tó jẹ́ 200,000, lílọ́ náà di nǹkan bí dígírì 6.7.

Ó kéré sí 25, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí 6.7 ń ṣe. Títẹ̀ nìkan yóò mú ìparí irin náà sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 2.5. Etí apá jìnnà sí ojúkò ìrẹ́ ní 68.75 mìlímítà, nítorí náà lílọ́ yóò fi nǹkan bí mìlímítà 8 kún un níbẹ̀. Ẹni tó ṣírò títẹ̀ tó retí mìlímítà 2.5 yóò bá mìlímítà 10 àti ààbọ̀ pàdé.

Ìrànlọ́wọ́ kọnkéré yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Bó ṣe dá wíwọ́ dúró, ó ń tẹ apá òkè sí ẹ̀gbẹ́, ó ń tẹ apá ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́bàá kọnkéré, èyí fi sítírẹ́ẹ̀sì tó tó 71 N/mm² sí igun, ó sì fi 118 sí etí apá, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ní apá òkè, tí a gbà pé fífà 75 ló wà níbi gbogbo nínú rẹ̀, igun di fífà 146, etí sì di ìfúnpọ̀ 43. Ẹ tún un kà: etí apá tí a sọ pé wọ́n ń fà ni wọ́n ń fún pọ̀. Etí tín-ín-rín tí wọ́n ń fún pọ̀ lè wú kó sì rún, kò sì sẹ́ni tó máa wo ibẹ̀ bí kò bá mọ̀ pé lílọ́ wà. Igun náà sì ti gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ìwé ìṣirò sọ. Bó bá jẹ́ sẹ́ńtírọ́ìdì ni ẹrù náà gbà, igun yóò tó nǹkan bí 193.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ta lẹ́nu. Ní nǹkan bí ọdún 1909, Carl von Bach, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Stuttgart ní Jámánì, dán ṣánẹ́ẹ̀lì wò, ó sì rí i pé ohun tí òun wọ̀n kò bá fọ́múlà títẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò mu, àti pé ibi tí ẹrù wà máa ń yí àbájáde padà. Ó tó ọdún 1921 kí Robert Maillart, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Síwísáláǹdì tí ayé mọ̀ nítorí àwọn afárá rẹ̀, tó sọ ọ́ kedere pé ojúkò kan wà tí kì í ṣe sẹ́ńtírọ́ìdì, tí ẹrù gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí irin tó lè tẹ̀ láìlọ́. Àwọn tó mọ fọ́múlà títẹ̀ dunjú ni èyí rú lójú. Ohun tó ṣí i sílẹ̀ ni pé wọ́n gbé irin gidi kalẹ̀, wọ́n sún ẹrù kiri, wọ́n sì wo ohun tó ṣe.

Ohun tí wọ́n lè fi dá wa lóhùn

Àwọn kan yóò sọ pé ṣánẹ́ẹ̀lì kún orí òrùlé káàkiri ìlú, kò sì lọ́. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì wà. Páànù tí wọ́n kàn mọ́ apá òkè rẹ̀ ti dì í mú, kò lè yí. Irin méjì tó di àtẹ̀gùn mú náà kò lọ́, nítorí pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jó mọ́ àárín wọn ń dá wọn dúró. Kì í ṣe pé ojúkò ìrẹ́ kò sí níbẹ̀, nǹkan mìíràn ló ń bá irin ru ìlọ́ náà. Ewu wà níbi tí nǹkan mìíràn kò sí: irin tó yọ síta láti gbé pátákó orúkọ, irin tí wọ́n fi kọ́ púlì láti fi gbé ẹ́ńjìnnì, àti òrùlé ní ọjọ́ tí wọn kò tíì kan páànù mọ́ ọn tí ẹnìkan sì ti gun orí rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní kọ̀ǹpútà á ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ṣírò ohun tí a bá sọ fún un. Nínú ọ̀pọ̀ ètò ìṣirò férémù, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dúró fún irin, ẹrù tí a sì gbé sórí ìlà yẹn ni wọ́n gbà pé kì í lọ́ ọ. Bí a kò bá fi ìlọ́ náà kún ẹrù fúnra wa, ètò náà yóò dá a padà ní òfo, àwòrán aláràbarà á sì bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn olùkọ́ wa lè sọ pé kò sí àyè. Àmọ́ irin wa yìí, ìṣirò rẹ̀ títí dé 18.75 kò ju ojú ìwé kan lọ, ẹ sì rí i pé kò sí ohun tó ju ìsodipúpọ̀ àti ìpín lọ nínú rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìbéèrè ìdánwò má parí sí "wá iye e" mọ́. Kí ó ní: ya ọfà ìṣàn ìrẹ́, fi ojúkò náà hàn lórí àwòrán, sọ ìhà tí ẹnu yóò yí sí bí ẹrù bá wà lórí ògiri, kí o sì sọ ohun tí ìwọ yóò ṣe sí i. Ẹni tó há fọ́múlà sórí kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹni tó yé kò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ìdáhùn sí apá ìkẹyìn yẹn sì wà. A lè jó pátákó irin kékeré mọ́ ẹ̀yìn ògiri, kí ihò tí a óò so ẹrù mọ́ wà ní 18.75 mìlímítà sẹ́yìn. A lè dojú ẹnu ṣánẹ́ẹ̀lì méjì kọ ara wọn kí a jó wọn pọ̀ di àpótí: ojúkò ìrẹ́ á bọ́ sí àárín, àpótí tó sì pa ẹnu dé le gan-an lójú lílọ́. Bí a bá fi ẹ̀yìn wọn kọ ẹ̀yìn, ojúkò náà á ṣì bọ́ sí àárín, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ẹnu ṣì ṣí, nítorí náà ẹrù tó bá yẹ̀ kúrò lórí àárín yóò ṣì lọ́ ọ. Bí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe, kí a wá nǹkan tó lágbára di irin náà mú kó má yí.

Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́ lè dán an wò nínú yàrá rẹ̀. Ẹ gé páálí tó nípọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ṣánẹ́ẹ̀lì tó ga ní 100 mìlímítà tí apá rẹ̀ jẹ́ 50. Ẹ di ìdí rẹ̀ mọ́ etí tábìlì gírígírí, ẹ sì lẹ páálí mìíràn bo orí tó yọ síta, kí ó má bàa fẹ̀ tàbí kó súnkì. Ẹ lẹ rúlà mọ́ orí yẹn ní ìbú, kó yọ síta lẹ́yìn ògiri. Ẹ wá so omi inú ọ̀rá díẹ̀ mọ́ rúlà náà, kí ẹ sì máa sún un. Lórí sẹ́ńtírọ́ìdì, ẹnu á wo ilẹ̀. Lórí ògiri, á ṣì wo ilẹ̀, àmọ́ kò ní tó ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ bá sún un dé nǹkan bíi mìlímítà 19 lẹ́yìn ògiri, páálí náà á tẹ̀ lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ kò ní wo òkè, kò ní wo ilẹ̀. Ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀.